Owó orí lórí èrè ilẹ̀ tí wọ́n ti rà tipẹ́

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti ra ilẹ̀ kan, mo fẹ́ tà á báyìí. Ṣé gbogbo owó tí mo bá gbà ni wọ́n máa gba owó orí lé lórí?

Rárá, orí èrè nìkan ni. Ẹ ó yọ iye tí ẹ rà á, owó lọ́yà àti sọ́fíò ìgbà náà, owó ohun tó fi kún iye ilẹ̀ náà, àti ìnáwó títà rẹ̀.

Ká ní 400,000 lẹ rà á, lọ́yà àti sọ́fíò gba 60,000, ẹ sì fi 140,000 mọ ògiri yí i ká. Ẹ wá tà á ní 3,000,000, aṣojú àti lọ́yà gba 200,000 níbẹ̀. Ìnáwó jẹ́ 800,000, èrè jẹ́ 2,200,000. Owó tí ẹ fi ń ro koríko rẹ̀ lọ́dọọdún kì í sábà wọ ìṣirò yìí, torí ìtọ́jú lásán ni.

Ìwé ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ìwé àdéhùn àtijọ́ bá ti sọnù, wọ́n lè ka iye tí ẹ rà á sí òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó tà á. Ẹ tún béèrè bóyá òfin ibẹ̀ gbà kí ẹ fi ọ̀wọ́ngógó ọjà kún iye àtijọ́ náà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gbà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dín èrè kù gan-an.