Ọlidé tó bọ́ sínú líìfù

Ìbéèrè: Ọjọ́ 10 ni líìfù mi, Iléyá sì bọ́ sáàárín rẹ̀. Ṣé wọ́n á kà á mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Rárá, tí ìwé líìfù yín bá ti ní ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹ wo oṣù kẹfà 2024 ní Nàìjíríà: ọlidé wà lọ́jọ́ 12, Iléyá gba ọjọ́ 17 àti 18. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ líìfù ní Mọ́ńdè ọjọ́ 10 máa parí ẹ̀ lọ́jọ́ 26, á wọṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 27. Tí wọ́n bá ní kó wọlé lọ́jọ́ 24, wọ́n ti jẹ ọjọ́ 3 mọ́ ọn lára nìyẹn. Ìjọba kì í tètè kéde Iléyá, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì tún ọjọ́ ìwọṣẹ́ yín kọ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni wọ́n kọ, títí kan Sátidé ni wọ́n máa ń kà.