Oró ejò àti májèlé ọ̀pọ̀lọ́

Ìbéèrè: Ní Gwagwalada níbí, wọ́n ní ejò lóró, wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ náà lóró. Ṣé bákan náà ni?

Rárá. Ẹranko olóró máa ń fi eyín tàbí ẹ̀gún gún oró sára èèyàn. Ti onímájèlé, ìgbà tí a bá jẹ ẹ́ tàbí fọwọ́ kàn án ló ń ṣe ni ní jàǹbá.

Ẹ wo paramọ́lẹ̀ kékeré tó pọ̀ lókè Ọya. Eyín rẹ̀ méjì níhò bí abẹ́rẹ́, oró rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nílé ìwòsàn, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré gbígbẹ, wọn ò ní fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 20. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀lọ́ kò léyín oró. Oje funfun inú kókó tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ ni májèlé. Ajá tó bá gé e jẹ á máa da itọ́.

Ẹja ní méjèèjì: ẹja òkúta inú òkun ń fi ẹ̀gún ẹ̀yìn gún oró, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ ẹja tó ń wú bí bọ́ọ̀lù ni májèlé wà, síse kì í sì í pa á.

Ejò kan wà ní Jàpáánù tó jẹ́ méjèèjì: ó ń kó májèlé ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ pamọ́ sí ọrùn, ó tún lóró lẹ́nu.