Ímeèlì ìwáṣẹ́ sí Nẹ́dálándì: bí a ṣe ń sọ ọ́ ṣàkó láìgbéraga

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Iléeṣẹ́ kan ní Nẹ́dálándì ń wá akáńtà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá mi ka ímeèlì tí mo fẹ́ so sífíì mi mọ́ ní mò ń bẹ̀bẹ̀ jù, pé ọ̀rọ̀ ṣàkó ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀. Báwo ni n ó ṣe tún un kọ tí kò ní dà bí ìgbéraga? Ṣé kí n dárúkọ iye owó tí mo fẹ́?"

Àbúrò mi, ẹni tó bá ọ kà á kò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣàkó tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí, wọn kì í ṣàlàyé rẹ̀ tán. Èmi sanwó fún ọ̀gbẹ́ni kan tó pe ara rẹ̀ ní amòye ìwé ìwáṣẹ́. Ohun tó kọ fún mi ni pé èmi gan-an ni iléeṣẹ́ náà ti ń retí, pé kò sí ẹlẹ́gbẹ́ mi níbi iṣẹ́ yìí. Kò rìn rárá. Àwọn ará Nẹ́dálándì ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń bára wọn wí, pé kí èèyàn ṣe bó ṣe máa ń ṣe, nítorí ìyẹn nìkan ti tó ní wèrè. Ẹni tó ń pọ́n ara rẹ̀ lé ń sú wọn bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ṣe ń sú wọn.

Níbi tí wàhálà wà nìyí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ẹni tó máa ka ímeèlì rẹ kò ní bá ọ sọ ọ́ di odindi. Ohun tí o kọ ló máa kà, ohun tí o kò kọ, kò sí níbẹ̀. Tó bá ní láti wá ohun tí o fẹ́ nínú ìwé rẹ, á lọ síbi ti ẹlòmíì.

Mo lè fọkàn yàwòrán ohun tí o kọ, torí bákan náà ni gbogbo wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo nírètí pé ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà. Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi ń sọ ìfẹ́ mi sí àyè èyíkéyìí tó bá ṣí sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá yín. Inú mi á dùn bí ẹ bá lè fi ojú àánú wò mí." Gbogbo èyí, ẹni tó ń kà á kò tíì mọ iṣẹ́ tí ò ń wá. "Àyè èyíkéyìí" ló burú jù nínú rẹ̀. Lójú tìrẹ, o ń sọ pé o kì í ṣe ẹni tó ń ṣa iṣẹ́ yàn, lójú tiwọn, o kò mọ ohun tí o fẹ́. "Ojú àánú" náà ń sọ fún wọn pé ìwọ fúnra rẹ gbà pé iṣẹ́ náà ju agbára rẹ lọ.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ tìrẹ. Mo rò ó pé nọ́ńbà ìpolówó iṣẹ́ náà ni 2217, ìwọ fi tìrẹ sí i. Àkọlé ímeèlì: "Akáńtà, 2217," kí orúkọ rẹ tẹ̀ lé e. Nínú rẹ̀, lẹ́yìn orúkọ ẹni tí o ń kọ ọ́ sí:

"Mò ń wá iṣẹ́ akáńtà, nọ́ńbà 2217. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ náà, èmi ni mo sì ń bójú tó ìwé owó ẹ̀ka mẹ́ta níbi tí mo wà báyìí. Nígbà tí mo gbà á, ọjọ́ mẹ́wàá la fi ń parí ìwé owó oṣù. Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà, torí mo ní kí àwọn ẹ̀ka máa fi rìsíìtì wọn ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dípò ìparí oṣù. Ẹ béèrè ìmọ̀ sọ́fítíwìà SAP. Mi ò tíì lò ó, Oracle ni mo ti lò fún ọdún mẹ́rin. Mi ò gbọ́ èdè Nẹ́dálándì. Mo nílò físà òṣìṣẹ́ onímọ̀, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sí ìgbà tí físà bá jáde. Mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe ń parí ìwé owó oṣù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ rọrùn fún mi. Ẹ ṣé."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo ibi tí "torí" wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kò jẹ́ kó di ìgbéraga. Ẹni tó bá ní "mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa" ń yin ara rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ohun tó yí padà, tó sọ ohun tó fà á, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ròyìn. Tó bá jẹ́ pé ìwọ àti ẹlòmíì lẹ jọ ṣe é, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ apá tìrẹ, torí wọ́n máa bi ọ́ lójúkojú pé kí ni ìwọ gan-an ṣe níbẹ̀. Gbólóhùn SAP yẹn náà, má ṣe yọ ọ́. Ó lè dà bí ẹni ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa rí i nínú sífíì pé kò sí, ó sì sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, pẹ̀lú ohun tí o fi rọ́pò rẹ̀.

Sísọ ọ́ ṣàkó kò túmọ̀ sí pípàṣẹ. Má kọ "ẹ fèsì kíákíá" tàbí "mo ń retí ìpè yín lọ́la." Sọ ohun tí o fẹ́, fi ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ dilẹ̀ sí i, ó parí.

Ẹ̀kan ṣoṣo ni ọpẹ́, ní ìparí. Orúkọ tó wà nínú ìpolówó ni kí o fi pe ẹni náà, láìsí "ọ̀gá" tàbí "sà." Tí wọ́n bá kọ orúkọ àbísọ níbẹ̀, orúkọ àbísọ ni kí o lò. Jámánì yàtọ̀ o, oyè àti orúkọ ìdílé ni tiwọn, má ṣe kó wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìpolówó Nẹ́dálándì sì máa ń fi nọ́ńbà fóònù ẹnìkan sí i fún ìbéèrè. Pè é. Kò sí ẹni tó máa rí i bí àrífín, o sì lè fi gbólóhùn kan nípa ìpè náà bẹ̀rẹ̀ ímeèlì rẹ.

Ọ̀rọ̀ físà yìí ni mo fẹ́ jókòó tì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ojú mi gbolẹ̀. Amòye tí mo sanwó fún ní kí n má dárúkọ físà rárá, kí iléeṣẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ràn mi ná. Wọ́n fẹ́ràn mi lóòótọ́. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pè mí, wọ́n fún mi níṣẹ́ àdánwò tí mo fi òru ṣe, mo bá ẹni tí ì bá di ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ìparí pátápátá ni obìnrin tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ wá béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Mo ní mi ò ní. Ó ní iléeṣẹ́ àwọn kì í ṣe onígbọ̀wọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó tún wá ń bá mi wí pé ó yẹ kí n ti sọ! Òun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè, kò béèrè ní gbogbo àsìkò yẹn. Amòye wa ńkọ́? Ó ní kí n sanwó míì kó tún un kọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi le bẹ́ẹ̀ ni pé ìwọ kọ́ lò ń béèrè fún físà òṣìṣẹ́ onímọ̀ ní Nẹ́dálándì, iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ ló ń béèrè fún un, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ onígbọ̀wọ́ tí IND, àjọ tó ń bójú tó ìwọ̀lú wọn, ti fọwọ́ sí. Orúkọ gbogbo àwọn onígbọ̀wọ́ náà wà ní gbangba lórí ind.nl. Ṣọ́ra níbẹ̀: orúkọ tí iléeṣẹ́ fi ń polówó ọjà lè yàtọ̀ sí èyí tó fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tí B.V., bíi Ltd. tiwa, sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ojú ewé wọn tàbí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn èèyàn, wàá rí orúkọ náà àti nọ́ńbà KvK, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni kí o fi wá a.

Tí orúkọ wọn bá wà lórí ind.nl, fi kún gbólóhùn físà rẹ pé o ti rí orúkọ wọn lọ́dọ̀ IND. Wíwà níbẹ̀ kò sọ pé dandan ni kí wọ́n mú ọ lọ o. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o kọ ránṣẹ́ kí o tó ṣe ohunkóhun: ṣé ẹ lè gba ẹni tó nílò físà? Wọ́n lè fèsì "rárá" lójú ẹsẹ̀. Èmi ì bá ti fẹ́ rárá yẹn ju òru iṣẹ́ àdánwò mi lọ.

Kí n tó kúrò níbí, má fi àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ mọ́ ímeèlì àkọ́kọ́, ẹni yòówù tó bá béèrè rẹ̀. Aṣojú tó bá sì ní kí o sanwó kí òun tó fi ọ́ síṣẹ́ lọ́hùn-ún, sá fún un, òfin wọn kò gbà á.

O béèrè ọ̀rọ̀ owó, mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Tí ìpolówó kò bá béèrè, má dá a sílẹ̀. Tó bá béèrè, sọ iye kan ní yúrò, lóṣooṣù, kí wọ́n tó yọ owó orí, torí báyìí ni wọ́n ṣe ń kà á. Sọ bóyá owó ìsinmi wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún ni, oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀ sì máa ń san án. Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má kọ ni "ohunkóhun tí ẹ bá rí fún mi." Físà yẹn ní iye owó oṣù tí kò gbọdọ̀ dín sí, láìka owó ìsinmi mọ́ ọn. Ti ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún kéré sí ti ẹni tó ti pé e, wọ́n sì ń yí i padà ní gbogbo oṣù kìíní ọdún. Wò ó lórí ind.nl kí o tó dárúkọ iye kankan. Tí o bá fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè owó tó kéré sí i, o ti fọwọ́ ara rẹ sọ fún wọn pé wọn ò lè mú ọ lọ.

Tí wọ́n bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, láìtọrọ àforíjì: "Mo fi ìwé ránṣẹ́ fún iṣẹ́ 2217. Ṣé ẹ ti pinnu?" Tí wọ́n bá ní rárá, béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Tí wọ́n bá fèsì, kò sí òróró nínú èsì náà, ó sì lè dùn ọ́ títí di alẹ́. Kà á lẹ́ẹ̀kejì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí o tó fọwọ́ kan ímeèlì míì.