Èsì: ọ̀nà ìwádìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ

“Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ lórí owó yíyá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n nínú àtẹ tí mo fi ń to ohun tí mo kà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, òpó ‘ohun tó sọ’ àti òpó ‘àléébù’ kò yàtọ̀ síra. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òpó ọ̀nà ìwádìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kún. Òun ló ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, inú rẹ̀ náà sì ni àléébù ti ń jáde.

Ká ní ìwé kan fi ìwé ìbéèrè wádìí lẹ́nu 120 àgbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

1. Ọ̀nà: ẹ kọ ẹni tí wọ́n bi, iye wọn, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ni.
2. Ohun tó sọ: “Owó yíyá ló mú ìkórè pọ̀ sí i, ojú ìwé 9.” Ẹ má kọ “ó sọ̀rọ̀ nípa owó yíyá”; àkòrí nìyẹn.
3. Àléébù: “Ó lè jẹ́ pé àwọn tí oko wọn tóbi tẹ́lẹ̀ ló ń rí owó yá, wọn kò sì bi ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ́.” “Àwọn tí wọ́n bi kéré” nìkan kò tó, àfi tẹ́ ẹ bá sọ ohun tí kíkéré náà kò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ fi “Ò” síwájú àléébù tí òǹkọ̀wé fẹnu ara rẹ̀ sọ, kẹ́ ẹ fi “È” síwájú èyí tẹ́ ẹ fúnra yín rí. “È” yìí ni alábòójútó yín máa bi yín léèrè.

Ìwádìí orí pápá ni èyí bá mu. Tó bá jẹ́ ìwé tíọ́rì, ẹ̀rí tó gbára lé ni kẹ́ ẹ kọ sí òpó ọ̀nà.