Fóònù tó ń gbóná, tó sì ń dúró ní 60%

Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi máa ń gbóná gan-an tí mo bá ń ṣájì rẹ̀, tó bá sì ti dé 60% kì í lọ mọ́. Kubwa ni mo wà. Ṣé bátìrì ti bàjẹ́ ni?

Kò dájú. Fóònù yẹn ló ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọn ooru bátìrì. Bí ooru náà bá ti ń sún mọ́ 45°C, á dín iná tó ń gbà kù, tàbí kó dá a dúró títí ara rẹ̀ á fi tutù. Kò sí ohun àrà nínú 60 yẹn, ibẹ̀ ni ooru ti máa ń pọ̀ jù fún tiyín ni.

Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ní Àbújá níbí, yàrá fúnra rẹ̀ lè ti gbóná tó 35°C. Tí ẹ bá wá ń wo fídíò lórí iná, ooru ojú fóònù àti ti ṣájà á para pọ̀, páùṣì rọ́bà ò sì ní jẹ́ kó jáde.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní: ẹ bọ́ páùṣì, ẹ pa fóònù pátápátá, ẹ gbé e sórí táìsì lábẹ́ fáànù, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá kọjá 60, ooru ni. Bí ara rẹ̀ bá tutù tó ṣì dúró síbẹ̀, ẹ yá ṣájà míì wò kí ẹ tó fura sí bátìrì.

Ẹ má gbé e sínú fíríìjì o, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń wú, ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ bátìrì.