Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n lẹ SHIMANO mọ́: ibi tó yẹ kí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ nínú fọ́tò

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bá mi wo fọ́tò mẹ́ta yìí. Ọkùnrin kan ní Iléṣà ló ń tà á, ó ní Ṣimánò ojúlówó ni, kẹ̀kẹ́ orí òkè, gíà mọ́kànlélógún. Mo fẹ́ máa gùn ún láti Modákẹ́kẹ́ lọ sí ọgbà OAU. Irú kẹ̀kẹ́ wo ni, ta ló ṣe é, ṣé kí n rà á?"

Àbúrò, Ṣimánò kì í ṣe fíréèmù. Gíà, bíréèkì, họ́ọ̀bù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Torí náà, SHIMANO gàdàgbà tí wọ́n lẹ mọ́ irin ìsàlẹ̀ yẹn kò sọ ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ rárá. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹyọ kan tàbí méjì nínú gíà rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wọn. SIS tó wà lára gíà náà kò tún fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan. Ìlànà tí gíà fi ń bọ́ sí ipò kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé èèyàn ń wá a kiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì wà lára gíà olówó pọ́ọ́kú bó ṣe wà lára olówó gọbọi. Àwọn ontajà máa ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i bí ẹni pé wúrà ni.

Gíà ẹ̀yìn ni kí o fi ojú sí, ìyẹn irin kékeré tó ní pulí méjì tí ṣéènì ń gbà kọjá. Fọ́tò rẹ kejì gbé e jáde dáadáa. Wo ibi tí wọ́n gbé e kọ́. Lára fíréèmù tó ṣe gidi, etí kan máa ń yọ sísàlẹ̀ níbi tí áàsù ẹ̀yìn jókòó sí, ihò kan á wà nínú etí náà, inú ihò yẹn ni bóòtù gíà máa ń wọ̀. Tìrẹ kò ní etí. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi sáàárín fíréèmù àti nọ́ọ̀tì áàsù, irin yẹn ló gbé gíà dání. Ẹni tó ṣe fíréèmù náà kò náwó sí i láti fi etí sí i, èyí nìkan sì ti tó láti sọ fún ọ pé kẹ̀kẹ́ pọ́ọ́kú ni, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyà tí yóò fi jẹ ọ ni pé nígbàkígbà tí fọkanáísà bá tú táyà ẹ̀yìn láti lẹ ẹ́, irin yẹn á yí díẹ̀, gíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí fò. Ṣùgbọ́n ó ní oore kan: bí ó bá tẹ̀, o lè rà òmíràn tàbí kí o fi súpánà tẹ̀ ẹ́ padà. Etí tó jẹ́ ti fíréèmù alumínìọ́mù, bí o bá ń tẹ̀ ẹ́ padà, ó lè kán. Èyí tí wọ́n fi bóòtù kékeré dè mọ́ fíréèmù ṣeé pààrọ̀, àmọ́ ó ní oríṣiríṣi ìrísí tí kì í bá ara wọn mu, ó sì ṣòro kí o tó rí irú tìrẹ gan-an ní Sábó.

Ní kí ọkùnrin náà dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó ya fọ́tò kan lọ́gangan láti ẹ̀yìn táyà. Pulí òkè, pulí ìsàlẹ̀ àti eyín tí ṣéènì wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí pulí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ wọnú sí ọ̀nà sípókù, kẹ̀kẹ́ náà ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣubú. Lọ́jọ́ tí o bá wọ gíà tó fúyẹ́ jù láti gun òkè, pulí yẹn lè kó sínú sípókù, kí ó fà gbogbo rẹ̀ ya.

Fọ́tò mìíràn tí o nílò ni ti inú gíà náà, ìhà tó kọjú sí sípókù. Kí ó fi aṣọ nu gírísì ibẹ̀ kúrò. Nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RD ló máa ń wà níbẹ̀, òun ni orúkọ gíà náà gan-an. RD-TY21 tàbí RD-TX35 jẹ́ Tourney, ìpele tó kéré jù. RD-M310 jẹ́ Altus, RD-M360 jẹ́ Acera, RD-M410 jẹ́ Alivio. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni Deore. Lára ọ̀pọ̀ wọn, wàá tún rí lẹ́tà méjì tó dá dúró. Ti àkọ́kọ́ ni ọdún: A jẹ́ 1976, a ó máa kà á bọ̀ títí dé Z tó jẹ́ 2001, A tún padà di 2002. Ti èkejì ni oṣù, A fún oṣù kìíní títí dé L fún oṣù kejìlá. VD á jẹ́ oṣù kẹrin 1997 tàbí 2023. Bí ọ̀dà fíréèmù bá ti ṣá tí rọ́bà hándù sì ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, o mọ èyí tó jẹ́. Ọdún gíà lò ń kà o, kì í ṣe ọdún kẹ̀kẹ́, torí wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ka eyín àwo tó kéré jù lẹ́yìn, mẹ́rìnlá ni. Èyí ń sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tí wọ́n máa ń yí mọ́ họ́ọ̀bù bí ìdérí ìgò, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irú tí wọ́n máa ń tì wọ ara họ́ọ̀bù. Kásẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mọ́kànlá. Nínú irú yìí, bọ́ọ̀lù tó gbé áàsù dání ní ìhà ọ̀tún jìnnà sí fíréèmù, torí náà áàsù rẹ̀ máa ń tètè tẹ̀ bí a bá gbé ẹrù lé e tàbí tí ó bá ń wọ kòtò. Bí o bá débẹ̀, gbé ẹ̀yìn sókè, yí táyà, kí o wo bóyá eyín ẹ̀yìn ń mì bí ọ̀mùtí. Àwo eyín mẹ́ta tó wà níwájú, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kàn án pọ̀, kì í ṣe bóòtù: bí eyín àwo kan bá jẹ tán, odindi apá pẹ́dà lo máa pààrọ̀.

Bíréèkì rẹ jẹ́ alápá méjì gígùn, waya ń gba inú irin tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Irú tó dára ni fún ibi tiwa, rọ́bà rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Fa fọ́tò náà tóbi: bí o bá rí TEKTRO tàbí nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BR lára apá, ó dáa. Tìrẹ kò ní orúkọ, irin tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni. Yóò dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀. Ohun tó jẹ mí lógún jù ni rímù. Rímù onírin tó ń dán gbinrin kì í gbọ́ bíréèkì bí òjò bá rọ̀, òkè wa sì pọ̀. Kí ọkùnrin náà gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e, kí ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumínìọ́mù ni; nígbà náà wo ojú ibi tí rọ́bà ń gbá. Bí ó bá ti jẹ wọnú bí abọ́, rímù náà ti ń parí lọ.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè tó jẹ́ ti ojú lásán lèyí, gíà rẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ Tourney, fíréèmù rẹ̀ kò ní ilé-iṣẹ́ tí a lè dárúkọ. Fún Modákẹ́kẹ́ sí ọgbà lórí títì ọlọ́dà, yóò ṣe é, bí áàsù bá tọ́ tí rímù sì jẹ́ alumínìọ́mù, ṣùgbọ́n iye kẹ̀kẹ́ tí kò lórúkọ ni kí o san. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ rímù, fi sílẹ̀ fún un ní Iléṣà.