"Mo kórìíra ọ̀gá mi": bí mo ṣe ń dá ìgbèjà ọkàn mọ̀ nínú ìtàn kékeré

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ìdánwò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti há ìtumọ̀ gbogbo ìgbèjà ọkàn, ìyẹn àwọn ọgbọ́n tí ọkàn ń dá láti sá fún ìmọ̀lára tí kò lè gbà, sórí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé ìtàn ìlà mẹ́rin síwájú mi, projẹ́kṣọ̀n, displésìmẹ́ǹtì àti riákṣọ̀n fọméṣọ̀n á dà pọ̀ mọ́ mi lójú. Báwo lẹ ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀?"

Àbúrò mi, ibi tí o dé yìí gan-an ló gbé mi ṣubú nígbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó ṣe ìdánwò yẹn. Ìtàn kékeré 20 ni wọ́n kó síwájú wa, 9 péré ni mo gbà. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Mo mọ ìtumọ̀ wọn débi pé mo lè kà á láti ojú oorun. Àṣìṣe mi ni pé ìwà tí ẹni inú ìtàn ń hù ni mo ń wò. Tí mo bá ti rí ẹni tó ń pariwo mọ́ èèyàn, displésìmẹ́ǹtì ni mo ń mú. Tí mo bá ti rí ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ẹlòmíì, mo ti mú projẹ́kṣọ̀n nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìwà kan náà lè ti orísun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Ọ̀gá kan tó bá mi wo ìwé ìdánwò mi ló là mí lójú. Ó ní kí n má tíì dárúkọ ìgbèjà kankan. Kí n kọ́kọ́ wá ìmọ̀lára tí ẹni náà kò lè gbà pé òun ní, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú tó ní olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀. Lẹ́yìn náà, kí n kọ gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ tàbí tó ń fi ìwà sọ. Kí n wá wo èyí tó yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Freud fúnra rẹ̀, dókítà tó dá ẹ̀kọ́ nípa ìgbèjà ọkàn sílẹ̀, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1911, nígbà tó ń kọ̀wé lórí Schreber, adájọ́ ará Jámánì kan tí orí rẹ̀ dàrú. Kò pàdé Schreber rí, ìwé tí ọkùnrin náà kọ nípa àìsàn ara rẹ̀ ló kà. Ó mú gbólóhùn kan ṣoṣo, pé ọkùnrin kan nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin mìíràn, ó sì fi hàn pé oríṣi ìtànjẹ ọkàn kọ̀ọ̀kan ń tako apá kan nínú gbólóhùn yẹn: ọ̀kan ń tako olùwà, ọ̀kan ń tako ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀kan ń tako àbọ̀. O ò ní láti gba gbogbo ohun tó sọ nípa Schreber gbọ́ kí ọ̀nà yìí tó wúlò fún ọ.

Jẹ́ ká fi ìtàn kan ṣe é. Dókítà tuntun kan ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ káàkiri wọ́ọ̀dù. Ó gbàgbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan. Ọ̀gá dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi bírò lu fáìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ṣé orí lo gbé wá síbí ni àbí fìlà?" Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Dókítà náà dákẹ́, ó wolẹ̀. Gbólóhùn tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ni "Mo kórìíra ọ̀gá mi." Ó jẹ́ ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pé a kì í bínú sí àgbà, nítorí náà kò lè gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ká ní ìtàn náà parí báyìí: ó délé, ó bá àwo kan tí àbúrò rẹ̀ kò fọ̀, ó sì bú u fún odindi wákàtí kan. Olùwà ṣì ni "mo". Ìkórìíra ṣì ni ìkórìíra. Àbọ̀ nìkan ló yí padà, láti ọ̀gá sí àbúrò. Displésìmẹ́ǹtì nìyẹn. Wò ó pé ẹni tí ìbínú náà wá bà lé kò lè fìyà jẹ ẹ́ bí ọ̀gá ṣe lè fìyà jẹ ẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, olùṣètò ìdánwò kì í sì í gbàgbé láti fi í sínú ìtàn.

Ká ní ọ̀tọ̀ ni ìparí rẹ̀: ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi ò ní nǹkan kan sí bàbá yẹn o. Òun ló kórìíra mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ló ti ń wá bó ṣe máa lé mi." Ìkórìíra kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lọ́wọ́ "mo", ó ti di ti ọ̀gá. Olùwà àti àbọ̀ ti gba ipò ara wọn. Projẹ́kṣọ̀n nìyẹn. Àmì tí o máa wá ni pé ẹni náà sẹ́ ìmọ̀lára yẹn fún ara rẹ̀, ó sì rí i ketekete lára ẹlòmíì. Nínú displésìmẹ́ǹtì, kì í sẹ́ pé òun ń bínú. Ó mọ̀ pé inú ń bí òun, àwo ló rò pé ó fà á.

Ìparí kẹta: láti ọjọ́ yẹn, ó di ẹni tó ń gbé báàgì ọ̀gá, tó ń yìn ín níwájú gbogbo ènìyàn, tí kò sì fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan búburú kan nípa rẹ̀. Olùwà wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ló dojú dé: "Mo fẹ́ràn ọ̀gá mi." Riákṣọ̀n fọméṣọ̀n. Èyí ló ṣòro jù láti mọ̀, torí pé ènìyàn lè fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ lóòótọ́. Ohun méjì ló ń tú u fó. Ìfẹ́ náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì lè sinmi. Èkejì, ìkórìíra náà á máa jò jáde níbì kan: ó gbàgbé láti jíṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n rán an sí ọ̀gá, tàbí ó lá àlá pé ọ̀gá ti kú. Tí ìtàn kò bá fún ọ ní ọ̀kan nínú méjèèjì, má mú un.

Ìparí kan ṣì wà tó gba máàkì lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, dókítà náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan gbàgbé nǹkan. Ó fi bírò lu fáìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ṣé orí lo gbé wá ni?" Mo kọ displésìmẹ́ǹtì, torí pé ó bínú sí ẹni tó kéré sí i. Wọ́n fagi lé e. Aidẹntifikéṣọ̀n pẹ̀lú ẹni tó ń fìyà jẹni ni, ohun tí Anna Freud, ọmọ Freud, ṣàlàyé ní ọdún 1936, pé ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà máa ń fi ara rẹ̀ jọ ẹni tó dẹ́rù bà á, kó lè bọ́ lọ́wọ́ jíjẹ́ ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Bírò yẹn ni ìyàtọ̀. Ẹni tó kàn ń gbé ìbínú kiri á bínú bó ṣe máa ń bínú tẹ́lẹ̀. Èyí gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọ̀, ó gbé ìṣesí ọ̀gá wọ̀. Nítorí náà, tí o bá rí i tí ìtàn ń tún ọ̀rọ̀ kan náà tàbí ìṣesí kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ìlà ìdánwò ṣòfò.

Àwọn kan wà tí kì í yí gbólóhùn náà, wọ́n ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ni. Tí ó bá ròyìn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ka ìròyìn, tí ojú rẹ̀ kò yí padà rárá, ìmọ̀lára ni wọ́n yọ: aisoléṣọ̀n. Tí kò bá rántí rárá pé ọ̀gá bú òun, rẹprẹ́ṣọ̀n ni. Tí ó bá rántí, tó mọ̀ pé ó ń dun òun, àmọ́ tó ní "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ àwọn aláìsàn yìí ná," sọprẹ́ṣọ̀n ni, òun nìkan sì ni ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí.

Ó yá, bo ìdáhùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o gbìyànjú márùn-ún yìí. Kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó dárúkọ.

1. Ọkùnrin kan tó ti gbéyàwó ń lá àlá obìnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìtìjú sì máa ń bá a tó bá jí. Láàárín oṣù yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú fóònù ìyàwó rẹ̀ wò, ó ní ojú ìyàwó òun ti ń ṣí sí ọkùnrin. Ìyàwó kò ṣe nǹkan kan.

2. Obìnrin kan kò fẹ́ oyún rẹ̀ kẹta, ó sunkún nígbà tó mọ̀. Ní báyìí, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ náà. Ó ń jí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóru láti wò ó bóyá ó ń mí, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun lè ṣèèṣì jẹ́ kó já bọ́.

3. Dókítà sọ fún ọkùnrin kan pé kókó kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ó gba ọjọ́ àyẹ̀wò fún Mọ́ńdè. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, àmọ́ òun kò ní ronú nípa rẹ̀ títí ìgbéyàwó ọmọ àwọn ní Sátidé á fi parí.

4. Bàbá fi ilé sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lórí fóònù, á sì máa bá ìyá rẹ̀ jà ní gbogbo ìgbà tí bàbá bá ti pè tán.

5. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní olùkọ́ òun kórìíra òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ náà sọ níwájú kíláàsì pé òun kò fẹ́ rí i mọ́, ó sì kọ̀ láti gba iṣẹ́ rẹ̀.

Àkọ́kọ́: "Mo fẹ́ obìnrin mìíràn" di "Ìyàwó mi fẹ́ ọkùnrin mìíràn." Olùwà ló yí, projẹ́kṣọ̀n ni. Má jẹ́ kí owú tàn ọ́ jẹ. Ìtìjú tó ń bá a tó bá jí ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Ìkejì ni riákṣọ̀n fọméṣọ̀n. "N kò fẹ́ ọmọ yìí" di "Mo fẹ́ ọmọ yìí ju ohunkóhun lọ." Jíjí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àṣejù tó ń tọ́ka sí i, ẹ̀rù pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ kó já bọ́ sì ni ibi tó ti jò.

Ìkẹta ni sọprẹ́ṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ dináyà síbẹ̀. Ẹni tó wà nínú dináyà á ní kò sí kókó kankan lọ́rùn òun, tàbí pé wọ́n gbé èsì ẹlòmíì fún òun. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́ jáde, ó sì ti gba ọjọ́.

Ìkẹrin ni displésìmẹ́ǹtì: àbọ̀ ló yí láti bàbá sí ìyá. Tí o bá rò pé ohùn pẹ̀lẹ́ lórí fóònù lè jẹ́ riákṣọ̀n fọméṣọ̀n, o ò burú, ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ìfẹ́ àṣejù. Ibi tí ìbínú gbà lọ ni ìtàn fi hàn wá, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè wà.

Ìkarùn-ún kò ní ìgbèjà kankan nínú. Gbìyànjú láti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, wàá rí i pé kò sí: ìtàn kò sọ níbì kankan pé akẹ́kọ̀ọ́ kórìíra olùkọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ló sọ. Mo mú projẹ́kṣọ̀n nínú irú ìbéèrè yìí lọ́jọ́ tí mo gba 9. Nígbà tí mo padà lọ, òun ni mo kọ́kọ́ wá nínú ìwé ìbéèrè.